Ínfọ́ìsì Ọkọ Mi àti Tèmi

Ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ilé wa kéré. Nígbà tó ń jáde láàárọ̀ tó sì ń wọlé nírọ̀lẹ́, èmi ni mo ni ọ̀sán. Nígbà tó wá di ẹni tí kì í lọ síbì kankan mọ́, kò síbi tí mo yíjú sí tí mi ò bá a. Bí mo bá sì sọ pé ó jókòó sílé, irọ́ ni mo pa. Kì í jókòó. Á rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu géètì, á tún padà. Á ṣí fíríìjì, á wò ó, á tì í. Bí mo bá kó àpò ọjà sí ẹ̀yìnkùlé, á lọ kà wọ́n, á sì wá sọ iye tí wọ́n jẹ́ fún mi, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kó wọn dé.

Akáńtáǹtì ni. Láti ìgbà tó ti wà ní gìrìpá ló ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ owó. Tiẹ̀ ni kí ó yẹ ìwé wò kí owó tó jáde. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì. Ní tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, tí kò sì padà. Èdè Hausa ni mo fi ń nájà, mo sì lè fi ṣàwàdà, mo lè fi jà. Ọkọ mi ò gbọ́ ju ká kíni lọ, pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò nínú ìlú.

Òwò tèmi ni pé mo máa ń ra ànàmọ́ òyìnbó, tí gbogbo Jọ́ọ̀sì ń pè ní Áírìṣì, àti kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Gyel àti lọ́jà Bukuru. Mo wá ń kó wọn lọ fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún èrò púpọ̀. Oníbàárà mi tó tóbi jù ni iléèwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, lójú ọ̀nà Bukuru. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà fún wọn, bàbá àgbàlagbà kan ló ń sanwó níbẹ̀. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti kó ọjà dé, màá fa ìwé kan ya, màá kọ ọ́ sí i pé "Áírìṣì àti kárọ́ọ̀tì," màá kọ iye owó, orúkọ mi, orúkọ báńkì mi àti nọ́ńbà àkáǹtì, màá sì fi "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò bùkún iléèwé yìí" parí ẹ̀. Màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Owó máa ń wọlé. Ìwé yẹn ni mo mọ̀ sí ínfọ́ìsì.

Nígbà tó yá, bàbá náà lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Berom, ló gba ipò rẹ̀. Ó níwà tútù, ó máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ní sáà ìkejì ọdún, iléèwé náà ní kí n kó irú ọjà kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì, láàárín oṣù kan. Iye àpò kan náà ni, owó sì dọ́gba. Mo kọ ìwé mi bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Owó àkọ́kọ́ wọlé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò wọlé.

Mo kọ́kọ́ ní sùúrù. Lẹ́yìn náà mo pè é. Ó fi Hausa dá mi lóhùn pé òun ti san án. Mo ní èyí tó san, ti ẹ̀ẹ̀kíní ni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Ó wá ní àwọn fọ́tò méjèèjì wà níwájú òun, orúkọ kan náà, owó kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà títí dé orí àdúrà ìparí. Kò sí ọjọ́ lórí èyíkéyìí, kò sì sí nọ́ńbà.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Bí ẹni tó ń yẹ ìwé wa wò bá dé, lójú tiẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni mo gbà, tí mo sì fẹ́ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ínfọ́ìsì gidi wá fún mi."

Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ní Gyel ló ta kárọ́ọ̀tì yẹn fún mi láwìn. Òjò ọdún ti ń ṣú, tí á pa dà tú ká, ó sì fẹ́ ra ajílẹ̀ kó tó rọ̀. Kò bú mi, kò halẹ̀ mọ́ mi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pè mí láràárọ̀ láti kí mi. Ó máa ń bèèrè ọkọ, ó máa ń bèèrè ọmọ, ó máa ń bèèrè bí mo ṣe sùn, á wá dágbére. Ìkíni yẹn ń dùn mí ju èébú lọ. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí màá ti máa wo fóònù bí ẹni ń wo ejò. Iléèwé sì ti fẹ́ gba ìsinmi. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn láìsanwó, ó di sáà tó ń bọ̀.

Ọkọ mi gbọ́ ohun tí mo sọ lórí fóònù, nítorí kò sí ohun tí kì í gbọ́ nígbà yẹn. Ó ní kí n mú ìwé tí mo kọ wá. Mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Màmá, kí lèyí?" ó béèrè. "Ṣé àdúrà lẹ gbà ni àbí owó lẹ béèrè?"

Mo ní owó ni mo béèrè, mo sì ti rí i gbà lọ́pọ̀ ọdún pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ̀ mí ló ń sanwó fún mi, kì í ṣe ìwé náà. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ mí rí gbọ́dọ̀ lè mú u dání kó sì mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta ló kó ọjà wá, níbo ló wà? Ta ló gba ọjà? Ọjọ́ wo? Èwo nínú ọjà ni, àpò mélòó, èló ni àpò kan? "Áírìṣì àti kárọ́ọ̀tì" kò tó, ó ní, nítorí pé bí àpò kárọ́ọ̀tì kan bá dín, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ iye tí wọ́n máa yọ? Ó sì ní ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ìwé mìíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ láé. Nọ́ńbà yẹn ni yóò fi hàn pé ọjà méjì ni mo kó, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohùn tó fi ń sọ ọ́ ló ń bí mi nínú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dúró sójú kan. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí i kó dúró sójú kan bẹ́ẹ̀.

Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń pè mí láti ibi tí mo ti ń dáná. Ó béèrè ìwé tí iléèwé fi ní kí n kó ọjà wá, èyí tí wọ́n ń pè ní LPO. Mo wá a títí kí n tó rí i lábẹ́ ike ìyọ̀. Ó béèrè ìwé tí ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ wọn fọwọ́ sí nígbà tí ọjà dé. Méjì ni mo bá nínú báàgì mi, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára wọn. Ó kọ nọ́ńbà LPO náà àti ọjọ́ tí ọjà dé sínú ínfọ́ìsì, ó ní bí akáńtáǹtì iléèwé bá mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ tí wọ́n sì bára mu, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó béèrè nọ́ńbà owó orí mi, mo fún un. Ó kọ àpò Áírìṣì sórí ìlà kan, kárọ́ọ̀tì sórí ìlà kejì, ó kọ iye àpò, iye owó àpò kan, àpapọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, àti àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní oúnjẹ tútù tí a kò tíì sè kì í ru owó orí ọjà, ó sì kọ òdo síbi tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a gbàgbé. Gbólóhùn ìbùkún tèmi, ó kọ̀ ọ́ pátápátá.

Ó tún sọ òwò mi lórúkọ. Orúkọ gígùn kan ni, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní "Fẹ́ńṣọ̀sì" nídìí bíi ti àwọn oníṣòwò ńlá. Ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sókè, ó kun ún ní àwọ̀ ewé. Mo ní mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo òwò gidi ló ń jẹ́ nǹkan. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò lè sọ pé kò wù mí. Mo wo ọjà mi lórí ìwé yẹn, ó dà bí ọjà ẹlòmíràn tó lówó jù mí lọ.

Ọjọ́ kejì, a jọ lọ síbẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, kékè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń gbọ̀n wá lọ sójú ọ̀nà Bukuru. Atẹ́gùn ń gbé iyẹ̀pẹ̀ pupa, òjò ń halẹ̀. Wọ́n ti di ẹrù àwọn ọmọ kan jọ ní iléèwé náà, àwọn òbí kan ti wá mú ọmọ wọn. Ọ̀dọ́bìnrin náà dìde nígbà tó rí ọkọ mi, ó kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fún wa ní àga. Ó ní a tètè dé, nítorí pé ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn tí òun máa sanwó kí wọ́n tó ti iléèwé.

Ó mú ínfọ́ìsì náà, ó fi bírò ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti òkè. Níbi kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi àmì kékeré sí i. Ó yọ LPO tiẹ̀ láti inú fáìlì, ó wò ó mọ́ ọn. Ó yọ ìwé sítọ̀, ó wò ó mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ń tú ká. Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn, inú mi sì dùn fún un, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ka iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin náà dé ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó yí i padà, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Ó tún yí i síwájú.

"Bàbá," ó ní, "gbogbo rẹ̀ pé, mo lè kọ ọ́ sínú ìwé wa báyìí. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n san án sí?"

Ọkọ mi ní ó wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò sí orúkọ báńkì, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì. Ó ní ohun tó tọ́ kí ó wà níbẹ̀ ni.

Mo tètè yọ fóònù mi, mo ní màá fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà mi orí pé rárá. Ó ṣàlàyé fún mi ní Hausa, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé àwọn kì í gba nọ́ńbà àkáǹtì látorí fóònù mọ́. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan fi irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ó ní òun ni òǹtajà, òun ti yí báńkì padà. Wọ́n san owó, owó lọ sọ́dọ̀ olè, òǹtajà gidi sì wá béèrè tirẹ̀. Mo ní kó lo èyí tó fi sanwó ti ẹ̀ẹ̀kíní. Ó fi bírò tọ́ka sí orúkọ aláwọ̀ ewé tó wà lókè.

"Àkáǹtì yẹn ń jẹ́ orúkọ yín, Màmá. Ìwé yìí ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹni tó ní kí n sanwó àti ẹni tó ni àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba owó sí i náà. Àwọn tó kọ ọjọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ san."

Ó dá ìwé náà padà fún wa, nítorí kò tíì kọ ọ́ sínú nǹkan kan. Ọkọ mi dìde, ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tí mo fi máa dágbére tán, mo bá a lábẹ́ àwọn igi gíga tó wà nínú ọgbà iléèwé náà, ó ń lọ ó ń bọ̀, táì rẹ̀ ti tú. Mo rò pé ọmọ náà ló ń bínú sí. Mo ní kó má bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

"Mi ò bínú sí i," ó ní. "Ohun tó sọ dára." Ó tún rìn lọ, ó padà wá. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Owó oṣù mi ń wọlé fúnra rẹ̀. Ìwé àwọn tó ń béèrè ni mò ń yẹ̀ wò, bó bá ti pé lójú mi, ọ́fíìsì mìíràn ló ń sanwó. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè."

Mo kàn ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn."

A wọ kékè lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Bukuru níbi tí wọ́n ń tẹ ìwé. Ó ti fi ohun tó kọ sínú fíláàṣì wá, ìwà rẹ̀ nìyẹn, kì í jáde láì mú ẹ̀dà dání. A jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀wé, a sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Mo ní kó pa orúkọ gígùn náà rẹ́. Ó ní ó yẹ òwò náà. Mo ní báńkì ò mọ̀ ọ́n, bí ó bá wù ú kí n máa jẹ́ ẹ, ká kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ká sì fi ṣí àkáǹtì, kì í ṣe lónìí tí obìnrin Gyel ń retí mi. Ó jẹ́ kó lọ. Orúkọ tèmi gan-an ni wọ́n kọ sókè, bó ṣe wà ní báńkì, lẹ́tà kan ò yẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ báńkì, orúkọ àkáǹtì àti nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tètè sanwó. Ó ní "tètè" kì í ṣe ọjọ́. Wọ́n kọ déètì ọjọ́ kejì síbẹ̀, ọjọ́ ìsanwó ìkẹyìn.

Ó tún wá ku nọ́ńbà. Mo ní kí wọ́n fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ọjà kan náà ni. Ó ní rárá, ìwé àkọ́kọ́ ti kúrò lọ́wọ́ wa, ojú ẹlòmíràn ti rí i. Ó fi bírò fa ìlà kọjá lórí ìwé àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sí i pé a ti fagi lé e, ó sì fi í sápò kí ó lè wà ní ìpamọ́. Ó ní kí wọ́n fún tuntun ní nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé òun ló rọ́pò ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, jẹnẹrétọ̀ kú. Ẹni náà jáde lọ wá epo. Òjò tó ti ń halẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá yan àkókò yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Èmi ni mò ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ọkọ mi ní kí n jókòó, mo wò ó, ó yíjú.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi nylon wé e, mo fi sínú bùbá mi. A dé iléèwé, ọ̀dọ́bìnrin náà ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó dúró lábẹ́ etí òrùlé, ó ń retí kí òjò dáwọ́ dúró. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó gba ìwé náà, ó kà á ní ìdúró, ó ka nọ́ńbà àkáǹtì pẹ̀lú ètè. "To, Màmá," ó ní, bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mi ò lè jókòó sílé. Mo lọ sí Gyel láti lọ bẹ obìnrin náà fúnra mi, nítorí mi ò fẹ́ kó tún pè mí láti kí mi. Ọkọ mi ń pè mí lórí fóònù: ṣé ó ti wọlé? Mo ní rárá. Kò pẹ́, ó tún pè. Obìnrin náà ń ro ilẹ̀ àwọn ewébẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé àga kékeré fún mi, ó sì ń bèèrè ọkọ àti ọmọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti sọ ohun tó gbé mi wá ni fóònù mi dún. Owó ti wọlé, ó pé. Orí ilẹ̀ oko yẹn ni mo ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó wo fóònù tiẹ̀, ó ní "Madalla," ìyẹn ni pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé òun ti fẹ́ ta àwọn ewúrẹ́ òun lọ́la láti fi ra ajílẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn. Mo jókòó sórí àga kékeré náà.

Mi ò lè sọ pé ara ọkọ mi balẹ̀ látìgbà yẹn. Ohun mìíràn ló tún gbà á lọ́kàn. Ó ní a kọ àpò sínú ínfọ́ìsì, ṣùgbọ́n àpò ọjà kan ga ju ti òmíràn lọ, báwo ni iye owó àpò kan ṣe máa jóòótọ́? Ó ra ìwọ̀n. Nígbà tí iléèwé wọlé, ó bá mi lọ sí Gyel, ó sì ní kí a gbé àpò kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n kí a tó kó o. Obìnrin náà ní kí n bi í bóyá iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára kárọ́ọ̀tì wà nínú ìwọ̀n náà. Mo bi í. Ó ronú lé e lórí gan-an. Ó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Obìnrin náà ní kárọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo ń túmọ̀ síwájú sẹ́yìn títí ó fi rẹ̀ mí, mo ní kí wọ́n máa bá ara wọn sọ ọ́. Mo lọ ń di kábéèjì. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ọkọ mi tó ń fi Hausa tí kò pé ka kílò, obìnrin náà sì ń tún un ṣe fún un, wọ́n ń gbé àpò sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀.